Búrẹ́dì Òpin Ọ̀sẹ̀ Nínú Ìṣẹ́jú-Àáyá 15

Àbúrò mi obìnrin kan tí ó ń yan búrẹ́dì ní Ìbàdàn fi ọ̀rọ̀ fídíò kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wò ó. Ó fẹ́ kí àwọn oníbàárà máa sanwó sílẹ̀ fún búrẹ́dì alágbọn ti àárọ̀ Àbámẹ́ta. Ọ̀rọ̀ 71 ni ó kọ. Nígbà tí mo kà á sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́, ìṣẹ́jú-àáyá 29 ni ó gbà mí, bẹ́ẹ̀ 15 péré ni fídíò náà.

Ìkíni ni ó jẹ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà àkọ́kọ́: ẹ kú ọ̀sẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Inú rẹ̀ kò dùn nígbà tí mo ní kí a yọ ọ́. Mo mọ ìdí rẹ̀. A kì í wọlé tọ ènìyàn láìkí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó kí ènìyàn tán, ẹni náà ti fi ìka ti fídíò lọ.

Ohun tí ó burú jù ni pé ó kọ “ẹ tètè sanwó”, kò dá àkókò. Lọ́sẹ̀ tí ó ṣáájú, alẹ́ Ẹtì ni àwọn kan ń pè, lẹ́yìn tí ó ti po ìyẹ̀fun tán. Búrẹ́dì 12 ni ààrò rẹ̀ ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ogójì ìṣẹ́jú sì ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìdájí, ìpele márùn-ún, ìyẹn 60, ni yóò yọ kí agogo mẹ́jọ tó lù. Nítorí náà, ọ̀sán Ẹtì ni ó gbọ́dọ̀ ti mọ iye tí yóò pò, kí ó sì ti rí owó ìyẹ̀fun gbà.

Ohun tí a wá kọ nìyí:

Àwòrán: ọwọ́ méjì ń fa búrẹ́dì gbígbóná ya, ooru ń rú.
Ohùn: “Búrẹ́dì alágbọn gbígbóná, àárọ̀ Sátidé!”

Àwòrán: búrẹ́dì méjì nínú ọ̀rá, a kọ ₦3,500 gàdàgbà sí i.
Ohùn: “Méjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀ náírà. Ẹ sanwó kí agogo méjìlá ọ̀sán Fúráídè tó lù.”

Àwòrán: ààrò tí ó kún, lẹ́yìn náà nọ́ḿbà fóònù, kí ó dúró títí fídíò yóò fi parí.
Ohùn: “Ọgọ́ta péré ni a ó yan. Ẹ kọ̀wé sí wa lórí Wáàsáàpù.”

Ọ̀rọ̀ 31 ni, ìṣẹ́jú-àáyá 13 ni ó sì gbà. Mo fi Sátidé àti Fúráídè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn. Búrẹ́dì kan jẹ́ ₦2,000 tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a kò sọ iye tí a dín. Àlàyé ìṣirò yóò tún gba àyè.

Lẹ́yìn náà a pa ohùn fídíò náà, a sì fi han aládùúgbò kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń wò ó nínú ọkọ̀ láìsí ohùn. Ó mọ iye owó, ó mọ ohun tí a ń tà, ṣùgbọ́n kò mọ ọjọ́ tí owó sísan yóò parí. A fi “Ẹ sanwó kí 12 ọ̀sán Fúráídè tó lù” kún ojú àwòrán kejì.

Ìkíni ńkọ́? Ó gbé e lọ sí èsì tí ó ń kọ sí ẹni tí ó bá ti sanwó. Ibẹ̀ ni ó ti ń kí wọn dáadáa, tọmọtọmọ.