Ta Ló Ń Wọn Ojú Asẹ́ Ọ̀dítọ̀?

Ọ̀dítọ̀ kì í wá gbogbo àṣìṣe. Á kọ́kọ́ dá iye kan, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 5 nínú 100 èrè ọdún. Àṣìṣe tí kò tó o lè kọjá.

A kò bá asẹ́ jà, ibi tí wọ́n ti wọn ojú rẹ̀ là ń bá jà. Bí èrè tòótọ́ bá jẹ́ ₦1 bílíọ̀nù, ojú asẹ́ jẹ́ ₦50 mílíọ̀nù. Bí ilé-iṣẹ́ bá fi irọ́ sọ ọ́ di ₦3 bílíọ̀nù, ó di ₦150 mílíọ̀nù. Irọ́ ₦100 mílíọ̀nù á jò wẹ́rẹ́. Ẹni tí à ń ṣọ́ ló wọn asẹ́ fún olùṣọ́!

Ẹ wo Kádíbúrì ní Agídíngbì, Ìkẹjà. Lọ́dún 2006 ni àṣírí tú pé wọ́n ti ń bu èrè lé èrè fún ọdún mélòó kan, ó lé ní ₦13 bílíọ̀nù. Lára ọgbọ́n wọn, wọ́n ń kó ọjà sọ́dọ̀ àwọn alágbàtà kí ọdún tó parí, wọ́n á kà á sí títà. Rìsíìtì kọ̀ọ̀kan lè kéré, àpapọ̀ rẹ̀ kò kéré.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dítọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ń kọ iye tó dá sínú ìròyìn rẹ̀. Kí tiwa náà kọ ọ́, kí a lè mọ ohun tó jò.