Nọ́ńbà Fóònù Ni Ká Fi Dá Oníbàárà Mọ̀, Kì Í Ṣe Orúkọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń tẹ Remove Duplicates lórí orúkọ àwọn oníbàárà, a ó sì fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. “Ṣọlá”, “Sola” àti “Shola” lè jẹ́ ẹnì kan. Excel á kà wọ́n sí mẹ́ta. Nọ́ńbà fóònù dájú jù, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0, òmíràn pẹ̀lú +234. Ẹ mú nọ́ńbà 10 tó kẹ́yìn:

```
=RIGHT(SUBSTITUTE(B2," ",""),10)
```

Ẹ to àwọn tó bára mu tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ fojú yẹ̀ wọ́n wò. Tọkọtaya lè máa lo fóònù kan. Ẹ fọwọ́ ara yín pa ìlà tó ti gbó rẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ ni Remove Duplicates máa ń fi sílẹ̀, bí àdírẹ́sì tuntun tilẹ̀ wà nísàlẹ̀.