Nígbà Wo Ni Aago Ọwọ́ Yẹ Ní Títúnṣe?

Ẹ má tètè sanwó fún aláago. Nínú aago ọwọ́ tí kò lo bátìrì, wíìlì kékeré kan ló ń fì síwá-sẹ́yìn, sípíríǹgì tó tín-ín-rín bí irun sì ń dá a padà. Bí aago bá dùbúlẹ̀ tàbí bí ó bá dúró lóòró, ìfì náà á yí padà díẹ̀. Nítorí náà, kí ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 5 yára lójúmọ́ kì í ṣe àìsàn.

Ìyípadà ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ fi aago yín sí àkókò rédíò, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ 7. Bí ó bá fi 35 yára, 5 ni lójúmọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí aago kan náà bá wá ń fi 20 falẹ̀ lójúmọ́, tí ẹ yí i kún lálẹ́ tí kò sì rìn dé alẹ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí epo inú rẹ̀ ti gbẹ. Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún 5 sí 7. Ó tó àkókò kí aláago tú u, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì fi epo tuntun sí i.

Bí ó bá ṣàdédé fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú yára ńkọ́? Bóyá mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà ló mú kí sípíríǹgì náà lẹ̀ mọ́ra. Ẹ ní kí aláago kọ́kọ́ yọ agbára mágínẹ́ẹ̀tì náà kúrò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò gba títú.