Íápíìsì Yín Kò Tíì Kú

Ó ti sú wa! Bí ohùn íápíìsì aláìlókùn kò bá ti ròkè, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, kéèyàn lọ ra òmíràn. Ẹ so ó mọ́ fóònù ẹlòmíràn ná. Bó bá dún dáadáa níbẹ̀, ara rẹ̀ le. Òun àti fóònù yín ni kò gbọ́ra wọn yé.

Lórí Áńdírọ́ìdì, nọ́ńbà kan láàárín 0 sí 127 ni fóònù ń fi ránṣẹ́, íápíìsì ló sì ń pinnu bí ohùn yóò ṣe ròkè tó. Àwọn kan kì í túmọ̀ nọ́ńbà yìí bó ṣe yẹ. Ẹ ti gbé ohùn dé òpin, síbẹ̀ ẹ ò mọ̀ bóyá "igbá" ni olùkọ́ pè tàbí "igba". Áàpù tó ń fipá gbóhùn sókè ńkọ́? Ohùn fífọ́ ló ń fún yín.

Nínú Settings, ẹ wá About phone, ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje. Developer options yóò jáde. Ẹ tan Disable absolute volume níbẹ̀. Ẹ pa Bluetooth, ẹ tún un tàn. Ẹ dín ohùn fóònù kù kí ẹ tó gbọ́ nǹkan kan, torí ó lè bú sí yín létí! Láti ìgbà náà, ohùn fóònù àti ti íápíìsì ti di méjì. Bọ́tìnnì ara íápíìsì lẹ ó fi gbé tirẹ̀. Èyí tí kò ní bọ́tìnnì lè há sí ìsàlẹ̀. Ẹ yáa dá ti irú ìyẹn padà.

Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n fi irú nǹkan báyìí pamọ́ sáàárín irinṣẹ́ àwọn tó ń ṣe áàpù?