IYE TÍ A TA ILÉ KỌ́ NI IYE TÍ Ó KÙ SỌ́WỌ́

Ọ̀rọ̀ ilé títà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Áńgílò Jọ́ọ̀sì àti agbègbè rẹ̀ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Láti ìgbà rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àti àwọn ti 2008 àti 2010 tí ó tẹ̀lé e, ilé àwọn ènìyàn wa púpọ̀ ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní ìlú yìí. Àwọn àgbàlagbà mìíràn fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà. Àwọn ọmọ mìíràn fẹ́ pín ogún baba wọn. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé èló ni wọ́n ta ilé náà, iye tí olùrà san ni wọn yóò dárúkọ. Ẹni tí yóò sọ iye tí ó kù sí i lọ́wọ́ kò pọ̀. Èrò tiwa ni pé ẹni tí kò bá ṣírò owó ìjọba kí ó tó dárúkọ iye ilé rẹ̀, ó ti pàdánù kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi owó ìjọba méjì ni a ní láti mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Èkínní ni owó orí lórí èrè ohun ìní. Ẹni tí ó ta ilé ni ó ń san án, kì í sì í ṣe lórí gbogbo owó tí ó gbà, bí kò ṣe lórí èrè nìkan. Èkejì ni owó òǹtẹ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní owó sítáǹbù. Lórí odindi iye tí a kọ sínú ìwé títà ni wọ́n ń gba ìyẹn, ìbáà jẹ́ pé a jèrè tàbí a pàdánù. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, olùrà ni ó ń san án.

Fún ọdún pípẹ́, náírà 10 nínú 100 náírà èrè ni ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ta ilé. Èyí ti yí padà. Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu òfin owó orí tuntun ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026. Nínú òfin tuntun yìí, èrè tí ènìyàn jẹ lórí ilé ń para pọ̀ mọ́ owó tí ó ń wọlé fún un láti ibi iṣẹ́ tàbí òwò rẹ̀ lọ́dún náà, a ó sì bu owó orí lé gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́, kò sí owó orí rárá. Lórí mílíọ̀nù 2.2 tí ó tẹ̀lé e, náírà 15 nínú 100 ni. Lórí mílíọ̀nù 9 tí ó tún tẹ̀lé e, náírà 18 ni. Lórí mílíọ̀nù 13 tí ó tẹ̀lé ìyẹn, náírà 21 ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè títí yóò fi dé náírà 25 nínú 100 fún ohun tí ó bá kọjá mílíọ̀nù 50.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé tọmọdé tàgbà. Oníṣòwò kan ní ilé oníyàrá mẹ́fà níhìn-ín, tí ó kọ́ ní ọdún 1998, tí ó sì fi háyà fún àwọn ayálégbé. Òun fúnra rẹ̀ ń gbé ibòmíràn ní ìlú. Ilẹ̀ àti ilé náà ná an ní mílíọ̀nù 1.5 náírà nígbà náà. Ní 2012 ó mọ odi yí i ká, ó sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ìyẹn sì gba mílíọ̀nù 1.5 mìíràn. Ó wá ta ilé náà ní mílíọ̀nù 18 ní ọdún yìí. Alágbàtà gba 900,000, lọ́yà gba 600,000.

Báwo ni èrè rẹ̀ ṣe jẹ́? Òfin gbà kí ó yọ owó tí ó fi ra ilẹ̀ tí ó sì fi kọ́ ilé kúrò, kí ó yọ owó tí ó fi mú ilé náà níye lórí sí i, kí ó sì yọ owó alágbàtà àti ti lọ́yà. Ohun tí yóò yọ jẹ́ mílíọ̀nù 4.5. Èrè tí ó kù láti bu owó orí lé jẹ́ mílíọ̀nù 13.5. Lábẹ́ òfin àtijọ́, 1,350,000 náírà ni ì bá san. Ṣùgbọ́n ká ní pé òwò rẹ̀ ti mú mílíọ̀nù 3 tí a ń bu owó orí lé wọlé lọ́dún náà. Òwò náà ti gba àtẹ̀gùn méjì ìsàlẹ̀ tán. Èrè ilé yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí náírà 18 nínú 100: mílíọ̀nù 9 yóò mú 1,620,000 jáde, mílíọ̀nù 4.5 tí ó kù, ní náírà 21, yóò mú 945,000 jáde. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,565,000 náírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àtijọ́. Bí a bá yọ èyí àti owó alágbàtà àti ti lọ́yà kúrò nínú mílíọ̀nù 18, ohun tí ó kù sọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 13,935,000 náírà. Ẹni tí ó ti fi mílíọ̀nù 18 ṣe ìlérí fún àwọn ọmọ rẹ̀ ti jẹ gbèsè mílíọ̀nù mẹ́rin fún wọn.

Nísinsìnyí, ká ní kò ní ríṣíìtì kan lọ́wọ́: kò sí ìwé ilẹ̀, kò sí ti bíríkì, kò sí ti páànù, kò sí ti ẹni tí ó gbẹ́ kànga. Mílíọ̀nù 3 tí ó ná yóò di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí òṣìṣẹ́ owó orí kò bá gbà á, èrè yóò di mílíọ̀nù 16.5, owó orí yóò sì di 3,195,000. Àìní bébà díẹ̀ nínú àpótí ti ná an ní 630,000 náírà. Kí a sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìnáwó ni a lè yọ. Odi, kànga, yàrá tí a fi kún ilé, ìwọ̀nyí ń mú ilé níye lórí. Ọ̀dà tí a tún kùn àti páànù kan tí a pààrọ̀ nítorí òjò jẹ́ àtúnṣe lásán, òfin kò kà wọ́n mọ́ iye ilé.

Ọ̀nà kan wà tí owó orí yìí kò fi ní dé ọ̀dọ̀ ènìyàn rárá. Ẹni tí ó ta ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé gẹ́gẹ́ bí ibùgbé rẹ̀ gan-an, òfin dá a sí. Nínú òfin tuntun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹni ni a lè jẹ oore yìí. Bí oníṣòwò tí a sọ yìí bá jẹ́ ẹni tí ń gbé inú ilé náà láti ọjọ́ tí ó ti kọ́ ọ, mílíọ̀nù 16.5 ni ì bá kó lọ sílé. Ibẹ̀ ni ìṣòro àwọn àgbàlagbà wa wà. Wọn a kọ́kọ́ padà sílé, wọn a fi ilé Jọ́ọ̀sì háyà, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ wọn a wá tà á. Ní ọjọ́ náà ilé owó ni ó ti jẹ́, kì í ṣe ibùgbé mọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun kò ní padà wá gbé ìlú yìí, kí ó rò ó dáadáa bóyá kí ó tà á kí ó tó kó ẹrù.

A padà sórí owó òǹtẹ̀. Náírà 1.5 nínú 100 ni a ti mọ̀ ọ́n sí lórí ìwé títa ilé. Lórí mílíọ̀nù 18, ìyẹn jẹ́ 270,000 náírà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùrà ni ó ń san án, kí ẹni tí ń tà má ṣe rò pé kò kan òun. Olùrà tí ó gbọ́n ti ṣírò owó òǹtẹ̀, owó ìyọ̀ǹda gómìnà àti ti lọ́yà rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí iye kan, láti inú iye ilé ni yóò sì ti dín in. Nítorí náà, kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí a tó gba kọ́bọ̀ kan, ẹni tí yóò san èwo.

Ibí yìí ni àwọn kan ti ń hùwà ọgbọ́n àrékérekè. Wọn a ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ mílíọ̀nù 8 sínú ìwé, ká má bàa san owó púpọ̀." Owó òǹtẹ̀ tí olùrà fi pamọ́ nípa èyí kò ju 150,000 náírà lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí òun náà bá fẹ́ tà, mílíọ̀nù 8 ni ìwé yóò jẹ́rìí sí pé ó ra ilé náà. Mílíọ̀nù 10 tí ó san ní ìkọ̀kọ̀ yóò di èrè rẹ̀. Ní náírà 21 nínú 100, mílíọ̀nù 2.1 ni yóò fi tán an. Bí ẹlòmíràn bá sì gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kóòtù, mílíọ̀nù 8 ni ìwé yóò jẹ́ kí ó béèrè padà. Ní ti ẹni tí ó tà á, owó tí ó gba báńkì kọjá ń fi orúkọ àti iye hàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ kankan. Wọn a kọ àdéhùn, wọn a pe ẹlẹ́rìí méjì, ó parí. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, kóòtù kì í gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí títí a ó fi san owó náà pẹ̀lú ìtanràn. Láti ìgbà Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, ilẹ̀ tí ó ní ìwé ìjọba kò ṣé é tà láìsí ìyọ̀ǹda gómìnà. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Báńkì Sàfánà àti Ajílò, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé ilé tí a fi dógò láìsí ìyọ̀ǹda náà, asán ni ìdógò rẹ̀. Ilé tí ìwé rẹ̀ kò pé, olùrà tí ó mọ̀ yóò dín iye rẹ̀ kù ju owó òǹtẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ń dùn wá. A kò sọ pé kí ìjọba má gba owó orí. Ṣùgbọ́n ní 1998, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 85 náírà lọ ní ọjà. Lónìí ó ti kọjá 1,300. Mílíọ̀nù 1.5 tí oníṣòwò yẹn fi kọ́lé nígbà náà tó dọ́là 17,600. Mílíọ̀nù 18 tí ó gbà lónìí kò tó 14,000. Náírà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ dín kù; síbẹ̀ òfin ka náírà 1998 àti ti òde òní sí ọ̀kan náà, ó sì pe ìyàtọ̀ wọn ní èrè. Èyí kò tọ́. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin jẹ́ kí a gbé owó àtijọ́ lé orí ìwọ̀n òde òní kí a tó ṣírò èrè. Ẹgbẹ́ wa ní ẹnu láti bá àwọn aṣojú wa sọ ọ́, a sì rọ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n kọ ìwé.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹ, ríṣíìtì nìkan ni ààbò wa. A dábàá pé kí ẹ̀ka wa ní àpótí irin kan tí olúkúlùkù onílé yóò kó ẹ̀dà ìwé ilẹ̀, ríṣíìtì ìkọ́lé àti ìwé tí a ti tẹ òǹtẹ̀ sí, kí ogún baba má bàa sọnù nítorí iná tàbí nítorí ikú. Kí a jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀.