Iṣẹ́ Tí Ẹbí Gbé Sílẹ̀, Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Mú Dání

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwa Yorùbá ń gbà sọ ọ́ lóde òní ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó jẹ mọ́ àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí wọn kò tí ì lọ sílé ọkọ. Wọn kì í dé òde ìgbéyàwó kí àdúrà "tìẹ náà á dé láìpẹ́" má bá wọn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í wálé ọdún kí ẹnìkan má bi wọ́n pé, "Ọkọ ńkọ́?" Àwọn tí ń bèèrè a máa sọ pé àṣà Yorùbá ni àwọn ń gbèjà. Èrò tèmi ni pé ìdajì àṣà náà ni wọ́n mú lọ́wọ́, ìdajì tí ó rọrùn.

Ẹ tẹ́tí sí gbólóhùn tí a ń sọ sí wọn: "Ìgbà wo lo máa mú ọkọ wá?" Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè wa dáadáa yóò mọ̀ pé àjèjì ni gbólóhùn yìí. Nínú Yorùbá àtijọ́, a ń wá ìyàwó fún ọmọ ni, a ń tọrọ ìyàwó, a ń gbé ìyàwó, obìnrin sì ń lọ sílé ọkọ. Ta ni ó ń mú ọkọ wá? Kò sí ọmọbìnrin tí wọ́n rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ àgbà ni.

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ìpele mẹ́ta ni ìgbéyàwó ní: ìfilọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, ìdána, àti ìgbéyàwó fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin inú ẹbí ọkùnrin ni wọ́n ń fojú sóde fún un. Bí wọ́n bá ti rí ọmọ tí ó wù wọ́n, alárenà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ilé méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí yóò dé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Wọn yóò bèèrè bóyá wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé náà. Wọn yóò bèèrè bóyá ajigbèsè ni wọ́n, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá ọkùnrin ilé náà a máa lu obìnrin. Wọn yóò bi Ifá léèrè. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọrí sí rere tán ni ìjọ́hẹn yóò wáyé, kí a tó sọ̀rọ̀ iyọ̀, oyin, obì, orógbó àti ataare ìdána. Ẹsẹ̀ tí àgbàlagbà rìn ní ilé méjèèjì kí ọmọbìnrin kan tó sun ẹkún ìyàwó kì í ṣe kékeré.

N kò sọ pé ayé ìgbà náà dára tán o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n fi fún ọkùnrin tí ojú wọn kò rí rí, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ tí ì já lẹ́nu ọmú nígbà tí wọ́n ti fẹ́ wọn sọ́nà. Kò sì sí àyè fún ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó rárá. Wọn a máa fi àpọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ọkùnrin ni wọ́n sì sábà máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ẹ ò rí i pé nígbà tí ọwọ́ ẹbí ṣì wà lórí iṣẹ́ náà, ọkùnrin tí kò láya ni wọ́n ń fi ẹnu kàn? Obìnrin ni ó wá kàn lónìí.

Ohun tí ó yí padà kò ṣòroó rí. Ọmọbìnrin ń lọ sí yunifásítì, ó ń lọ fi ọdún kan sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ìlú tí kò mọ ẹnìkan, èyí tí ó ti wà láti 1973, ó sì ń gba iṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Àwọn àgbà wá sọ pé ọmọ ayé òde òní ni, kí ó wá tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ ní láti gbé àṣẹ tí ó bá iṣẹ́ náà rìn sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ẹbí wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò fojú sóde mọ́, wọn kò wádìí mọ́, wọn kò rán alárenà mọ́, síbẹ̀ ẹ̀sùn pé iṣẹ́ kò tíì parí wà lẹ́nu wọn lójoojúmọ́, ọrùn ọmọ ni wọ́n sì gbé e kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àbúrò mi kan ṣe àpẹẹrẹ; ó ti fún mi láyè láti sọ ọ́, bí mo bá lè fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, apoògùn ni ní Ìbàdàn. Ó pé ọdún mẹ́rìndínlógójì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ti ra ilẹ̀ kan láti ọdún mẹ́rin ṣáájú, ó sì ń dá àjọ, ṣùgbọ́n kò fi bíríkì kan lélẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá kọ́lé, ọkùnrin wo ni yóò tún yà lọ́dọ̀ mi? Wọ́n á ní mo ti di ọ̀gá ara mi." Ó ti gba ilé yàrá kan nítorí pé onílé méjì ni wọ́n ti sọ fún un pé àwọn kì í fi ilé fún obìnrin tí kò lọ́kọ. Kò ra ọkọ̀. Àga tí ó wù ú láti rà, ó ní títí di ìgbà tí òun bá lọ sílé ọkọ.

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn òbí kíyè sí, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ pé ìyọlẹ́nu ti wọ ọmọ lára. Kì í ṣe ẹkún ni àmì rẹ̀. Ẹlòmíràn a máa rẹ́rìn-ín, a máa ṣe "àmín" sí gbogbo àdúrà. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé ó ń dín ara rẹ̀ kù, tí ó ń fi ọjọ́ orí pamọ́, tí ó ń bo ipò rẹ̀ níbi iṣẹ́ mọ́lẹ̀, tí ó sì ń fi ìgbésí ayé rẹ̀ sí ipò ìdúró bí ẹni tí ń retí ọkọ̀ ní ibùdókọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àwàdà.

Irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ó wà nígbà tí ìyá àdúgbò kan mú ọkùnrin kan wá. Ọkùnrin náà lẹ́nu dídùn, ó ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ni òun ti wá, òun sì ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun. Inú gbogbo ẹbí dùn. Mo bi ìyá ọmọ léèrè pé, "Màmá, ọmọ ta ni? Agbo ilé wo ni?" Wọ́n dá mi lóhùn pé, "Ìwọ náà, jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbé e ná." Ní oṣù kẹrin, ọkùnrin náà ní ọjà òun há sí èbúté, kí àbúrò mi yá òun ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà. Owó àjọ rẹ̀ ni ó kó sílẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ara òun kò balẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ohùn àwọn àǹtí ń dún létí òun pé òun ni òun ń lé ọkùnrin sá.

Ìwádìí tí ó tú àṣírí kò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan àti owó ọkọ̀ lọ. Àbúrò bàbá wa kan tí ń gbé ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ bèèrè agbo ilé náà, ó dé ibẹ̀, wọ́n sì fi ìyàwó ọkùnrin náà àti ọmọ méjì hàn án. Ìdajì owó ni ó padà, èyí tí ó kù wọmi. Ohun tí ó dùn mí jù kì í ṣe owó. Nígbà tí a jókòó ìpàdé ẹbí, àgbà obìnrin kan dìde, ó ní, "Ṣé kò lè fara mọ́ ọn bí ìyàwó kejì ni? Ọjọ́ ń lọ." Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́!

Mo mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ ní tòótọ́. Agbára ọmọ bíbí obìnrin ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn márùndínlógójì. Èyí ni ó ń da ìyá ọmọ láàmú lóru, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀dọ̀ dókítà ni ìyẹn, láàárín ìyá àti ọmọ, nínú yàrá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lórí àwo ìrẹsì níbi tí àwọn onílù wà.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń gbèjà àṣà ti gbàgbé. Ní ilé ọkọ, lẹ́yìn gbogbo àwọn tí wọ́n ti bí síbẹ̀ kí ó tó wọlé ni ìyàwó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ó bá níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gán-án. Ṣùgbọ́n ní ilé bàbá rẹ̀, ọmọ ilé ni. Ipò rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ bàbá rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ó ti gbà á, ìgbéyàwó kò fi kún un, àìṣègbéyàwó kò sì yọ ọ́ kúrò. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó fi ọwọ́ sí èyí nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé ní 1908, pé obìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí bí òun bá ni àgbà láàárín àwọn ọmọ olóògbé tí ó kù. Wọn kò bi í bóyá ó wà nílé ọkọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bá omidan ilé wa sọ̀rọ̀ bí àlejò tí ó pẹ́ jù, Yorùbá wo ni a ń ṣe?

Àbúrò mi ti rí ìdáhùn kan tí ó wù mí. Níbi ìgbéyàwó kan lọ́dún tó kọjá, ìyá kan tún gbé àdúrà náà dé. Ó kúnlẹ̀, ó ṣe àmín, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe alárenà. Ẹ bá mi wo ẹni tí ẹ mọ ilé bàbá rẹ̀, kí ẹ wádìí rẹ̀ délé, kí ẹ wá sọ fún mi, èmi náà á wò ó bóyá ó wù mí." Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Ìyá náà wò ó, wọ́n ní àwọn yóò rò ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ẹbí. Wọn kò tún bi í ní ìbéèrè náà mọ́ láti ìgbà yẹn. Mo ti gbọ́ pé àǹtí kan mú ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́, ó sì ti ń wádìí nípa olùkọ́ kan ní Ìwó. A kò tí ì mọ ibi tí yóò já sí.

Ilẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù tó kọjá tí mo dé ibẹ̀, ògiri ti dé ojú fèrèsé, símẹ́ńtì nìkan ni ó ń dá wọn dúró nítorí ó ti wọ́n jù.