Kóńgò Méjì Ni Wọ́n Fi Ń Wọn Gígábáìtì

Ọ̀rọ̀ kan tí ó fẹ́ di ìjà láàárín ìyàwó kan àti ọlọ́jà kan ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí ó purọ́, síbẹ̀ owó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, inú sì bí ẹnì kejì.

Ìyàwó yìí ṣe ìkómọ àkọ́bí rẹ̀. Ẹni tí ó ya fídíò lọ́jọ́ náà kó iṣẹ́ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká ọkọ rẹ̀. Ogún ni fídíò náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ 780 MB, èyí ni mẹ́gábáìtì. Ìyàwó wa fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀ tí àìsàn kò jẹ́ kí ó lè wá. Kí ó tó ra mẹ́mọ́rì káàdì, ó jókòó, ó ṣírò. Ó sọ 780 di ìlọ́po ogún, ó rí 15,600 MB. Ó mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́gábáìtì ni gígábáìtì kan, nítorí náà ó pín in sí ọ̀nà 1,000, ó rí 15.6 GB. Ó ra káàdì 16 GB, inú rẹ̀ sì dùn pé àyè díẹ̀ ṣì kù.

Nígbà tí wọ́n ń kó fídíò wọ inú káàdì náà, mọ́kàndínlógún wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ogún kọ̀, kò wọlé. Kọ̀ǹpútà ní àyè kò tó. Èyí tí ó ṣẹ́ kù síta gan-an ni ibi tí bàbá àgbà ti ń pe orúkọ ọmọ! Ó wo iye tí káàdì náà lè gbà, ó rí 14.9 GB. Ó kọrí sí ọjà.

“Bọ̀dá, ẹ ti rẹ́ mi jẹ. 16 ni mo san owó rẹ̀, 14.9 ni mo bá nínú rẹ̀.”

“Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Bí ó ti wà nínú páálí ni mo ṣe tà á fún yín.”

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ìdí ọlọ́jà ìrẹsì. Bí ó bá fi kóńgò kékeré wọn kóńgò mẹ́rìndínlógún fún yín, tí ẹ sì fi kóńgò tí ó tóbi jù ú lọ tún un wọ̀n nílé, kò ní pé mẹ́rìndínlógún mọ́. Hóró ìrẹsì kan kò sọ nù. Kóńgò méjèèjì ni kò dọ́gba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Báìtì ni hóró ìrẹsì ti kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà kan bíi b ń gba báìtì kan. Àwọn tí ń ṣe káàdì ń ka báìtì ní òǹkà onímẹ́wàá: 1,000 báìtì ni kílóbáìtì kan, 1,000 kílóbáìtì ni mẹ́gábáìtì kan, 1,000 mẹ́gábáìtì sì ni gígábáìtì kan. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, ohun gbogbo ń lọ ní ìlọ́po méjì, nítorí pé títàn àti pípa nìkan ni ó mọ̀. Bí a bá sọ 2 di ìlọ́po méjì léraléra, 4, 8, 16, 32 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, a kò lè bá 1,000 pàdé. 1,024 ni a óò bá. Àwọn onímọ̀ àtijọ́ rí i pé ó súnmọ́ ẹgbẹ̀rún, wọ́n sì fún un ní orúkọ kílò bákan náà. Ibẹ̀ ni kóńgò kejì ti wáyé.

Ní ìpele kílò, 24 péré ni ó fi lé lórí 1,000. Ṣùgbọ́n àlékún náà ń gun ara wọn. Nígbà tí a bá dé gígábáìtì, kóńgò ńlá ti di 1,073,741,824 báìtì, kóńgò kékeré sì jẹ́ 1,000,000,000. Ìyàtọ̀ náà ti di bíi méje nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 1998, àjọ àgbáyé tí ń ṣètò òdiwọ̀n nípa ohun èlò iná mànàmáná fún kóńgò ńlá ní orúkọ tirẹ̀, wọ́n ní kí a máa kọ ọ́ ní MiB àti GiB. Ṣùgbọ́n Windows ṣì ń fi kóńgò ńlá wọ̀n, GB ni ó sì ń kọ. Kọ̀ǹpútà Mac ti yí padà sí kóńgò kékeré láti ọdún 2009, Android náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2017. Ìdí nìyẹn tí káàdì kan ṣoṣo fi lè jẹ́ 16 nínú fóònù, kí ó sì di 14.9 nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí a wá tún ìṣirò ìyàwó wa ṣe. Windows ni ó kọ 780 MB náà, nítorí náà MB ti kóńgò ńlá ni. 1,024 ni ó yẹ kí ó fi pín 15,600, yóò sì rí 15.2 GB. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Bí ó bá fi 15.2 yìí wé 16 tí ó wà lára páálí, yóò tún ṣìnà, nítorí pé kóńgò kékeré ni ti páálí. Ó gbọ́dọ̀ sọ 16 náà di ti kóńgò ńlá, nípa fífi 0.93 sọ ọ́ di púpọ̀. 14.9 ni yóò rí. 15.2 kò lè wọ inú 14.9.

Ọ̀nà tí kò lè tanni jẹ ni kí a ka báìtì fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún asin kọ̀ǹpútà tẹ fáìlì tàbí káàdì, kí ẹ yan Properties. Ẹ óò rí iye báìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ MB tàbí GB. Ti ogún fídíò náà jẹ́ 16,357,785,600. Ti káàdì kò ju bíi 16,000,000,000 lọ. Báìtì kò ní kóńgò méjì.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ ojúlówó rẹ́nijẹ? Lórí Windows, káàdì 32 yẹ kí ó fi bíi 29.8 hàn, 64 yẹ kí ó fi bíi 59.6 hàn. Bí 16 bá fi 7.4 hàn, káàdì 8 ni wọ́n lẹ orúkọ mọ́. Àwọn ayédèrú kan tilẹ̀ wà tí ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà: wọn yóò fi iye tí ó pé hàn, fáìlì yóò dà bí ẹni pé ó wọlé, ṣùgbọ́n kò ní ṣí mọ́. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ H2testw máa ń kọ nǹkan kún inú káàdì, á sì tún un kà láti mọ̀ bóyá ó pé. Ẹ dán an wò nígbà tí káàdì bá ṣófo, ẹ má sì pa fáìlì inú kọ̀ǹpútà rẹ́ títí ẹ óò fi ṣí èyí tí ẹ kó kẹ́yìn wò.

Ọlọ́jà gba káàdì náà padà, ìyàwó wa fi owó díẹ̀ lé e, ó gba 32 GB. Ogún fídíò ni ìyá ọkọ rẹ̀ wò, ó sì gbọ́ orúkọ ọmọ láti ẹnu bàbá àgbà. Ó di oṣù tí ń bọ̀.